Kí Ló Ń Já Fọ́tò Gbà Lójú Ọ̀nà Láti Kámẹ́rà sí Fóònù?

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìyá ìyàwó wá bá mi níbi tí mo fara ti ògiri gbọ̀ngàn àríyá. Ó ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi fi fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù. Àbúrò mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò rí àyè wá, ojú ń kán an.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Mà, ó ti dé.” Mo tan Wáífáì kámẹ́rà, mo ṣí áàpù rẹ̀ lórí fóònù, fọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ọ̀kan wọlé, méjì wọlé. Bó ṣe kan ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ dúró. Mo tún un so, ó tún já. Mo tún un so lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé fọ́tò kan, ó tún já.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, nẹ́tíwọ̀kì ibí ni kò dáa, ẹ jẹ́ kí n ra dátà kún un.” Ó ra á lóòótọ́. Kò yí nǹkan kan padà, torí pé ohun tó ń ṣe wá kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dátà rárá.

Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kan náà wá. Ẹnì kan ti ta kámẹ́rà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó nítorí rẹ̀. Ẹlòmíì ti pààrọ̀ káàdì símù lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dùn mí, torí pé kámẹ́rà tí wọ́n tà yẹn kò ní àrùn kankan. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kí owó má máa bá ọ̀nà tí kò tọ́ lọ.

Ṣé Wáífáì àti íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wáífáì ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì tó súnmọ́ ara wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, láìsí wáyà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé tó wà níta: Wásáàpù, Fesibúùkù, àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ronú nípa ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti ilé yín já sí ilé aládùúgbò, kí ẹ wá fi wé ọ̀nà márosẹ̀ Adó sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà ni méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni dé Àkúrẹ́.

Nígbà tí ẹ bá tan Wáífáì kámẹ́rà, ńṣe ni kámẹ́rà náà la ọ̀nà ẹsẹ̀ kékeré sílẹ̀. Ó fún un ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, fóònù yín sì gba ojú ọ̀nà náà wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà pin sí. Kámẹ́rà kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè fún fóònù. Fọ́tò tó ń bọ̀ láti inú kámẹ́rà kì í jẹ ẹyọ dátà kan. Ẹ lè wà lórí òkè níbi tí òpó nẹ́tíwọ̀kì kankan kò dé, kí fọ́tò ṣì wọ inú fóònù wọ̀ọ̀rọ̀wọ́. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ti inú fóònù fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ni dátà tó wọ ọ̀rọ̀.

Ẹnì kẹta tún wà, ìyẹn Búlúútùù. Ọmọdé tí a ń rán níṣẹ́ ni. Ó lè sáré lọ sọ fún fóònù pé “kámẹ́rà ti jí o, orúkọ Wáífáì rẹ̀ nìyí,” ṣùgbọ́n kò lágbára àpò iṣu. Fọ́tò ńlá ni àpò iṣu, Wáífáì ló ń gbé e. Nínú èyí tí mo mọ̀, áàpù Níkọ̀nù tó ń jẹ́ SnapBridge lè fi Búlúútùù gbé fọ́tò, ṣùgbọ́n àwòrán kékeré tó jẹ́ mẹ́gápíkísẹ́ẹ̀lì 2 ni, kì í ṣe odindi fọ́tò. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí i lójú kámẹ́rà pé Búlúútùù ti so, wọ́n á ní “ó ṣáà so, kí ló wá dé tí fọ́tò ò wọlé?” Ọmọdé ti dé lóòótọ́. Ẹni tó máa ru ẹrù ni kò tíì dé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń já a?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo aago. Àkókò tó já máa ń sọ ẹni tó já a.

Bó bá jẹ́ pé kò pé ìṣẹ́jú kan tí ẹ so ó ló ti ń já, tí ẹ sì rí i pé àmì dátà 4G tún yọ lókè ojú fóònù, fóònù ló kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ojú fóònù bá ṣókùnkùn ló ń já, tàbí ìgbà tí ẹ bá kúrò nínú áàpù lọ wo Wásáàpù, fóònù ló ń pa áàpù náà láti fi tọ́jú bátìrì. Bó bá ń já ní iye ìṣẹ́jú kan náà ní gbogbo ìgbà, tí ẹ sì rí i pé ojú kámẹ́rà ti kú, kámẹ́rà ló sùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní àkókò kan pàtó, tó ń dúró dáadáa nílé tó sì ń já ní àríyá, tàbí tó ń já bí ẹ bá ti fi ìgbésẹ̀ mélòó kan rìn sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló kún.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì torí pé oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń sá lọ lè pààrọ̀ bátìrì kámẹ́rà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ló dé tí fóònù fi ń sá kúrò lórí Wáífáì kámẹ́rà?

Nínú àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi, èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló ṣe mí ní Ìkẹ́rẹ́.

Fóònù dà bí àlejò tó wọlé tó sì yọjú wo ilé ìdáná. Bó bá rí i pé wọ́n ń gún iyán, á jókòó. Bí kò bá gbúròó odó, á ní òun fẹ́ yà síbì kan. Iyán tí fóònù ń wá ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbàrà tó bá ti so mọ́ Wáífáì èyíkéyìí, ó máa ń rán ìbéèrè kékeré kan lọ síta láti mọ̀ bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì tí fóònù Áńdíróìdì púpọ̀ ń kàn sí nìyí:

```
http://connectivitycheck.gstatic.com/generate_204
```

Bí èsì bá padà wá láti ibẹ̀, fóònù á gbà pé Wáífáì náà dára. Bí èsì kò bá wá, á kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbí. Áífóònù náà ní tirẹ̀ tó ń kàn sí. Kámẹ́rà kò lè jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dé ibikíbi, torí ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà, lójú fóònù, Wáífáì kámẹ́rà jẹ́ Wáífáì tó bàjẹ́. Fóònù òde òní sì ti kọ́ láti sá fún Wáífáì tó bàjẹ́, kí ẹni tó ni ín má bàa jókòó ti ohun tí kò ṣiṣẹ́. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá padà sórí dátà, tàbí tó fò lọ sórí Máífáì ṣọ́ọ̀bù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, fọ́tò tó wà lójú ọ̀nà já nìyẹn.

Èyí ló jẹ́ kí dátà tí ọmọ iṣẹ́ mi rà burú sí i dípò kó ràn wá lọ́wọ́. Bí dátà bá tán pátápátá, fóònù kò ní ibì kankan tó dára jù tó lè sá lọ. Nígbà tí dátà kún inú rẹ̀, ó rí ibi tí iyán wà.

Báwo la ṣe lè mú kí fóònù jókòó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn jù: ẹ pa dátà fóònù kí ẹ tó so ó mọ́ kámẹ́rà. Ìpè á ṣì máa wọlé, Wásáàpù nìkan ni yóò dúró díẹ̀. Ẹ kó fọ́tò tán, ẹ pa Wáífáì, ẹ tan dátà padà, kí ẹ wá fi ránṣẹ́. Ohun tí mo ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn nígbà tí orí mi wálé, fọ́tò 12 sì wọlé láìjá lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ìyàwó ò mọ ohun tí mo ṣe. Ó kàn rí i pé àbúrò rẹ̀ ti ń pè láti Lọ́ńdọ̀nù, tó ń sunkún ayọ̀.

Lórí Áńdíróìdì, ẹ tún máa fiyè sí ìkìlọ̀ kan tó máa ń yọ lókè ojú fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá so ó. Ó máa ń sọ pé Wáífáì yìí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọwọ́ gbá a dànù. Ẹ má gbá a dànù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ìbéèrè bóyá ẹ fẹ́ dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá sì rí àpótí tí wọ́n kọ “Don't ask again for this network” sí, ẹ fi àmì sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, fóònù á mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ wá síbí ni. Lórí Sámúsọ́ńgì, ẹ wọ ojú ewé Wáífáì, ẹ wá “Intelligent Wi-Fi”, kí ẹ sì pa èyí tí wọ́n kọ “Switch to mobile data” sí.

Lórí Áífóònù, ẹ wọ “Settings”, ẹ wọ ojú ewé dátà, kí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ó rí “Wi-Fi Assist” níbẹ̀. Ẹ pa á. Nǹkan kejì wà lórí Áífóònù tó máa ń dá wàhálà tó jọ èyí sílẹ̀. Láti ọdún 2020 tí iOS 14 ti jáde, áàpù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí Wáífáì kan náà. Bí ẹ bá ti tẹ “Don't Allow” lọ́jọ́ tí áàpù kọ́kọ́ béèrè, Wáífáì á so, áàpù ò sì ní rí kámẹ́rà láéláé. Ẹ lọ sí “Privacy & Security”, ẹ wọ “Local Network”, kí ẹ tan áàpù kámẹ́rà yín níbẹ̀. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà lórí Áńdíróìdì náà. Láti Áńdíróìdì 12, “Nearby devices” ni wọ́n ń pè é. Lórí àwọn ti àtijọ́, àṣẹ “Location” ni áàpù ń béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ̀ ọ́ fún un torí wọ́n rò pé ó fẹ́ ṣọ́ àwọn ni.

Bí VPN bá wà lórí fóònù yín, ẹ pa á kí ẹ tó so kámẹ́rà. Ó máa ń gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ kámẹ́rà. Bí Máífáì ṣọ́ọ̀bù bá wà nítòsí, ẹ lọ sórí orúkọ rẹ̀ kí ẹ pa “Auto-Join” tàbí “Auto-reconnect” rẹ̀, kí fóònù má bàa fò lọ bá a.

Bó bá jẹ́ pé oorun ni ńkọ́?

Kámẹ́rà máa ń sùn láti tọ́jú bátìrì. Bí ẹ kò bá tẹ bọ́tìnnì kankan fún ìgbà díẹ̀, tó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló máa ń pa Wáífáì pọ̀ mọ́ ọn. Lórí Kánọ́ọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ni “Auto power off”. Lórí Níkọ̀nù, “Standby timer” ni. Lórí Sónì, ẹ wá “Power Save Start Time”. Ẹ fà á gùn sí ìṣẹ́jú 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì dá a padà bí ẹ bá délé. Wáífáì ń mu bátìrì, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kó fọ́tò nígbà tí bátìrì bá ti ń tàn pupa. Ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn káàdì tàbí ti bátìrì nígbà tí fọ́tò bá wà lójú ọ̀nà. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ yọ káàdì kejì nígbà tí èkíní ń gbé fọ́tò lọ, gbogbo rẹ̀ sì já.

Oorun fóònù ló le jù láti mọ̀, torí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwọn fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò níbí, bíi Tẹ́kínò àti Ìnfíníìsì, máa ń wá pẹ̀lú áàpù tó ń jẹ́ Phone Master, tó ń pa áàpù tí a kò bá wò mọ́ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ wọ “Settings”, ẹ wọ “Apps”, ẹ yan áàpù kámẹ́rà yín, ẹ lọ sí “Battery” kí ẹ sì yan “Unrestricted” tàbí èyí tó bá jọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ kì í dọ́gba lórí gbogbo fóònù. Ṣùgbọ́n èmi kì í gbára lé ìyẹn nìkan. Nígbà tí fọ́tò bá ń wọlé, mo máa ń fi áàpù sójú, mo sì ti sún àkókò tí ojú fóònù ń ṣókùnkùn sí ìṣẹ́jú 10. N kì í fi fóònù yẹn dáhùn Wásáàpù títí iṣẹ́ á fi parí.

Ọ̀nà mìíràn láti bọ́ lọ́wọ́ oorun ni kí ẹrù fúyẹ́, kí iṣẹ́ tó parí kó tó di pé ẹnikẹ́ni sùn. Ká ní ẹ ní fọ́tò 160, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 MB. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,280 MB. Bí Wáífáì kámẹ́rà bá ń gbé 2 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 10 àti àáyá 40. Ṣùgbọ́n áàpù púpọ̀ ló ní ibi tí ẹ ti lè ní kí kámẹ́rà dín fọ́tò kù kó tó fi ránṣẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá di 0.8 MB, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 128 MB, ìṣẹ́jú kan àti àáyá 4 ni. Wásáàpù fúnra rẹ̀ máa ń fún fọ́tò pọ̀, nítorí náà ẹni tó ń retí rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ ti dín in kù. Odindi fọ́tò ṣì wà nínú káàdì fún ìwé àwòrán tí ẹ máa tẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé, tó sì ń já ní àríyá?

Wáífáì ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí owó rẹ̀ kò ga jù ń gba orí ìgbì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz. Orí ìgbì yẹn náà ni Búlúútùù ń gbà, àti họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù àwọn àlejò, àti ọ̀pọ̀ máíkì aláìlówáyà tí àwọn oní-fídíò ń so mọ́ àyà ọkọ ìyàwó. Ó dà bí ọjọ́ ọjà ní Ọjà Ọba ní Adó. Bẹ́ ẹ bá pe ọmọ yín láti ìgbésẹ̀ mẹ́ta, á gbọ́. Bẹ́ ẹ bá pè é láti òdìkejì ọjà, ohùn yín á wọ inú ariwo.

Ohun kan wà tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò kì í fura sí, ó sì wà lórí kámẹ́rà wọn. Tírígà fíláàṣì ni. Àwọn tírígà Gódọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ń sọ̀rọ̀ lórí 2.4 GHz pẹ̀lú. Ó jókòó sórí kámẹ́rà, kò sì jìnnà ju ìka mélòó kan lọ síbi tí Wáífáì kámẹ́rà ti ń jáde. Ìyẹn ni pé ẹ gbé ẹni tó ń pariwo lé èjìká ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ dán an wò: ẹ pa tírígà, kí ẹ kó fọ́tò 10. Bí kò bá já mọ́, ẹ ti mọ ẹni tó ni ariwo. Èmi máa ń pa tírígà nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ kó fọ́tò, n kì í ya fọ́tò lásìkò yẹn lọ́nàkọnà.

Orí ìgbì 2.4 GHz pín sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní “channel”. Mẹ́ta péré nínú wọn ni kò fara kan ara wọn: 1, 6 àti 11. Bí ẹ bá fi áàpù ọ̀fẹ́ bíi WiFiAnalyzer wo inú gbọ̀ngàn, ẹ ó rí orúkọ gbogbo Wáífáì tó wà níbẹ̀, bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, àti ojú ọ̀nà tí wọ́n kóra jọ sí. Lórí Kánọ́ọ̀nù púpọ̀, bí ẹ bá ń la Wáífáì kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ yan “Manual connection” dípò “Easy connection”, ẹ ó lè fúnra yín mú “channel”. Lórí Níkọ̀nù, ó wà nínú “Wi-Fi connection settings”. Ẹ mú èyí tí èrò kò pọ̀ sí nínú mẹ́ta yẹn.

Ara èèyàn náà ń dí ìgbì yìí, torí omi ló pọ̀ nínú ara wa, omi sì ń gbé e mì. Fóònù tó wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò nígbà tí kámẹ́rà wà ní iwájú àyà, ẹ ti fi odindi ara yín ṣe ògiri. Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì kan, kí wọ́n kọjú síra, kó má ju mítà kan lọ.

Ṣé ọ̀nà kan wà tí fóònù fi lè ní íńtánẹ́ẹ̀tì kó sì tún mú kámẹ́rà dání?

Ó wà, òun ni mo ń lò báyìí fún iṣẹ́ ńlá. Dípò kí fóònù lọ sílé kámẹ́rà tí kò sí iyán, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé nílé tí iyán wà. Máífáì tó ní dátà ni ilé náà.

Ẹ tan Máífáì. Ẹ so fóònù mọ́ ọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Lórí kámẹ́rà Kánọ́ọ̀nù, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti ń so fóònù, ẹ yan “Add a device to connect to”, lẹ́yìn náà “Switch network”. Kámẹ́rà á to orúkọ Wáífáì tó rí. Ẹ yan ti Máífáì yín, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ yan “Auto setting”, kí ẹ wá ṣí áàpù Kánọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ Camera Connect lórí fóònù. Ó máa rí kámẹ́rà nílé kan náà. Fóònù béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí i, kò sí ìdí tó fi máa sá. Ẹ lè kó fọ́tò kí ẹ sì máa fi ránṣẹ́ láìpa ohunkóhun. Fọ́tò tó ń ti kámẹ́rà bọ̀ sínú fóònù kò jáde nílé yẹn, nítorí náà kò jẹ dátà Máífáì. Èyí tí ẹ bá fi sórí Wásáàpù ló ń jẹ ẹ́.

Nǹkan mẹ́ta ló lè bà á jẹ́. Bí Máífáì bá wà lórí 5 GHz nìkan, kámẹ́rà tó mọ 2.4 GHz nìkan kò ní rí orúkọ rẹ̀. Bí ìdáàbòbò rẹ̀ bá jẹ́ WPA3 nìkan, kámẹ́rà tó ti pẹ́ kò ní lóye rẹ̀, ẹ sún un sí WPA2. Bí wọ́n bá sì ti tan “AP isolation” nínú rẹ̀, kámẹ́rà àti fóònù á wà nílé kan náà láìrí ara wọn. Họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù kejì lè ṣe iṣẹ́ Máífáì yìí. Bó bá jẹ́ Áífóònù 12 tàbí èyí tó tuntun jù ú, ẹ tan “Maximize Compatibility” nínú “Personal Hotspot” kó lè sọ̀kalẹ̀ sórí 2.4 GHz.

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló lè ṣe èyí. Níkọ̀nù D5600 lè la ọ̀nà ti ara rẹ̀ sílẹ̀, kò lè wọ ilé ẹlòmíì. D3500 kò tilẹ̀ ní Wáífáì rárá, Búlúútùù nìkan ló ní. Ẹni tó bá ń lo D5600, pípa dátà ni tirẹ̀. Òun àti ẹni tó ní D3500 tún lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka káàdì, kí wọ́n sì tì í bọ ìdí fóònù. Kò ní afẹ́fẹ́ kankan tó lè já a.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé ti Ìkẹ́rẹ́, a ní ìsìnkú àgbà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Èrò pọ̀ ju ti ìgbéyàwó yẹn lọ dáadáa. Mo gbé Máífáì sórí tábìlì wa, mo mú un sí ojú ọ̀nà 11 torí 1 àti 6 ti kún, mo sún “Auto power off” sí ìṣẹ́jú 5, mo sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mi pa tírígà nígbà tí mo bá ń kó fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la kó fọ́tò láàárín ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 160 tí a ti dín kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló já, ìgbà tí ẹnì kan gbé agbada jọ̀lọ́ọ̀fù lé àárín kámẹ́rà àti Máífáì. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé e kúrò, ó sì ń bá a lọ.